Sitọ́ọ̀pù Lọ́ọ̀sì Kì Í Ṣe Ìlérí

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, kì í sì í ṣe ìwàásù, torí náà ẹ má wá ẹsẹ Bíbélì níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ mẹ́rin ló ti wá bá mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà, méjì láti Mọ́níyà, ọ̀kan láti Ọ̀jọ́ọ̀, ọ̀kan láti abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ń ṣe fọ́rẹ́ẹ̀sì lórí fóònù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: "Dádì, bùrókà mi ti jà mí lólè. Mo fi sitọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì síbẹ̀, wọ́n wá lọ pa á síbi tí mi ò fi í sí." Mo ní kí wọ́n ṣí fóònù wọn. A jọ wo àkọsílẹ̀ òwò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn, kò sẹ́ni tó jà wọ́n lólè rárá. Ti ẹnì kẹrin, màá dé ibẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé owó tó lọ yẹn kì í ṣe owó eré. Ọ̀kan nínú wọn, owó tó yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi ra ajílẹ̀ fún oko ẹ̀gẹ́ ló kó síbẹ̀. Ó ti ṣírò ẹ̀ pé bí ọjà bá kọ̀, àádọ́ta dọ́là péré ló máa lọ, torí ẹni tó kọ́ ọ lórí Tẹligíráàmù sọ fún un pé bó bá ti fi sitọ́ọ̀pù sí i, kò lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Èmi náà ti ń tẹ̀lé ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè láti 2012. Kékeré ni mo ń ṣe é, mi ò kí ń gba owó ẹnikẹ́ni láti bá a ṣe é, kò sì sí nǹkan tí mo ń tà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí ọjà màlúù tiwa níbí, ọjà màlúù Akínyẹlé. Ká ní o ní màlúù kan níbẹ̀ tó o rà ní ₦800,000, o fẹ́ kó lọ sókè kó o tó tà á. Ṣùgbọ́n oko ń pè ọ́, o ò lè dúró tì í. O wá sọ fún alágbàtà rẹ pé: "Bí owó màlúù bá já wálẹ̀ dé ₦750,000, bá mi ta tèmi kíá." Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀. Èkíní ni àmì tí alágbàtà yóò máa ṣọ́, ìyẹn ₦750,000. Èkejì ni iṣẹ́ tí yóò ṣe bó bá ti rí àmì náà: kó tà á. Kò síbi tó o ti sọ ẹni tó máa rà á ní ₦750,000, torí pé o ò mọ ẹni náà, alágbàtà náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí owó bá já dé ₦750,000, alágbàtà á dìde, á fa okùn màlúù rẹ jáde, á sì máa ké. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ tí owó ẹ̀ pọ̀ jù ló máa mú un lọ. Bó bá jẹ́ ₦748,000 lẹni náà ní, ₦748,000 náà nìyẹn. Bí àwọn oníbàárà bá ti lọ sílé, tó wá jẹ́ pé alápatà kan ṣoṣo ló kù tó ń pe ₦700,000, ₦700,000 lo máa gbà. Alágbàtà yẹn ò yàn ọ́ jẹ. Ohun tó o ní kó ṣe ló ṣe. Iye tó o dá fún un ni ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó máa parí sí.

Bí sitọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù nìyẹn, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Iye tó o kọ síwájú `S/L` jẹ́ àmì. Bí ọjà bá ti kàn án tàbí tó kọjá ẹ̀, ẹ̀rọ bùrókà á sọ òwò rẹ di "tà á ní iyekíye tó bá wà nílẹ̀". Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, nọ́ńbà tó o kọ ti parí iṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà nìkan ló kù tó máa sọ iye tí wàá gbà.

Ẹ tún fi kiní kan kún un. Ìwọ nìkan kọ́ lo fún alágbàtà níṣẹ́. Ká ní ènìyàn mẹ́fà ló sọ pé kí wọ́n bá àwọn tà bó bá di ₦750,000. Lójú ọjà, ẹnì kan ló fẹ́ rà ní ₦750,000, àwọn méjì fẹ́ rà ní ₦745,000, lẹ́yìn wọn kò tún sẹ́nì kankan àfi àwọn tó ń pe ₦720,000. Màlúù mẹ́fà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ gba iye tó fẹ́. Àwọn méjì tẹ̀lé e, wọ́n pàdánù díẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù bá ara wọn ní ₦720,000. Bí ọjà bá wá ti dé ₦720,000 báyìí, àwọn tó fi àmì tiwọn sí ₦730,000 náà á jí, màlúù tiwọn náà á jáde. Ẹ rí i pé sitọ́ọ̀pù ń jí sitọ́ọ̀pù. Ohun tá a fi ń dá àdánù dúró ló tún ń ti ọjà sísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ara ọjà bá balẹ̀, àwọn oníbàárà pọ̀ ní gbogbo orí iye, kò sí àlàfo láàárín wọn. Sitọ́ọ̀pù rẹ á ṣẹlẹ̀ níbi tó o fi í sí tàbí nítòsí ibẹ̀ gan-an. Èèyàn lè lo sitọ́ọ̀pù nígbà ọgọ́ta kó má rí ìyàtọ̀ kan. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà, torí ọjọ́ tó o nílò ẹ̀ jù náà ló máa yàtọ̀.

Ọmọ tó fi owó ajílẹ̀ ṣòwò yẹn, wúrà ló rà, `XAUUSD`, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Amẹ́ríkà máa ń gbé iye àwọn tó ríṣẹ́ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ mọ ọjọ́ yẹn. Ìròyìn náà máa ń jáde ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán lágogo tiwa, tàbí aago méjì ààbọ̀ bí Amẹ́ríkà bá ti yí aago wọn padà fún ìgbà òtútù. Ó ra ìdámẹ́wàá lọ́ọ̀tì, ìyẹn áùnsì mẹ́wàá, ní 2650.00. Ó fi sitọ́ọ̀pù sí 2645.00. Dọ́là márùn-ún lórí áùnsì kọ̀ọ̀kan, áùnsì mẹ́wàá, àádọ́ta dọ́là. Ìṣirò ẹ̀ péye. Ìròyìn jáde, wúrà já. Nígbà tó máa la ojú ẹ̀, dọ́là 116 ti lọ nínú 300 tó ní.

Mo ní kó lọ sí `History`, kó tẹ òwò náà. Níbi àlàyé, ó wà níbẹ̀ kedere: `[sl 2645.00]`. Èyí ń sọ pé sitọ́ọ̀pù ló tì í, àti ibi tí àmì rẹ̀ wà. Níbi iye tí wọ́n tà á gan-an, ohun tó wà níbẹ̀ ni `2638.40`. Ẹ má dá a pọ̀ mọ́ra: àwọn méjèèjì yàtọ̀, ìyàtọ̀ wọn sì ni iye tó yọ̀ dànù. Tiẹ̀ yọ̀ tó dọ́là mẹ́fà àti ọgọ́ta sẹ́ńtì lórí áùnsì kan.

Ó ní: "Dádì, ẹ wo ṣáàtì, ọjà kọjá 2645, àbẹ́là pupa yìí kọjá níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò tà á níbẹ̀?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ṣáàtì máa ń tan èèyàn jẹ níbí. Àbẹ́là tá a ń rí yẹn, láti òkè délẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, bí ẹni pé ọjà fẹsẹ̀ rìn lórí gbogbo iye tó wà láàárín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọjà máa ń wá lẹ́yọ-lẹ́yọ, bí òjò tó ń kán. Ẹ̀kán kan wá ní 2645.20, sitọ́ọ̀pù ò tíì kàn. Ẹ̀kán tó tẹ̀ lé e jẹ́ 2638.40. Kò sí ohunkóhun láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó rà, kò sẹ́ni tó tà. Ṣáàtì ló fi ọ̀dà bo àlàfo náà mọ́lẹ̀.

Kí ló dé tí àlàfo fi wà? Torí pé àwọn báńkì ńlá àti àwọn olówò tó máa ń dúró láti rà máa ń kó ọjà wọn nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ìròyìn tó jáde. Wọn ò fẹ́ kí ẹnìkan gba iye àtijọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ìròyìn tuntun ti dé. Ẹ máa rí i lójú fóònù: iye ìrà àti iye ìtà tí wọ́n máa ń sún mọ́ra á kàn jìnnà síra wọn lójijì. Bẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ọjà ti ṣófo nìyẹn, sitọ́ọ̀pù tó bá ṣẹ́ lásìkò náà á bọ́ sínú kòtò.

Ti ẹnì kẹrin wá ńkọ́? Tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́rú kan, kò sí ìròyìn kankan. Mo ní kó mú ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ká wò ó lórí ṣáàtì bùrókà méjì mìíràn. Lórí àwọn méjèèjì, ibi tí ọjà rẹlẹ̀ dé jù láàárín ìṣẹ́jú náà ò sún mọ́ iye tí wọ́n ta tiẹ̀. Lórí tiẹ̀ nìkan ni àbẹ́là náà ti gùn sísàlẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ọjà tó fò, torí bí ọjà bá fò lóòótọ́, gbogbo ilé ló máa hàn sí. Mo sọ fún un pé kó kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú àwòrán méjèèjì, kó sì béèrè iye tó wà lórí ẹ̀rọ wọn ní ìṣẹ́jú àáyá náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì dá a lóhùn. Mi ò ní dárúkọ bùrókà náà.

Ọjà tó yára nìyẹn. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ọjà tó fò pátápátá. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò ṣàìmọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, nǹkan bí ₦471 ni dọ́là kan wà tẹ́lẹ̀ níbi ọjà ìjọba. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó parí ní ₦664. Ẹni tó ti fi ọkàn sí i pé "bó bá ti di ₦500 mo máa yáa rà", níbo ló ti fẹ́ rà á? ₦500 yẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ẹni tó ń fi sitọ́ọ̀pù yangàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti owó Súwísàláńdì ní 2015. Láti ọjọ́ 6, oṣù kẹsàn-án, 2011, Báńkì Àpapọ̀ wọn ti kéde pé yúrò kan ò ní rẹlẹ̀ ju fráǹkì 1.20 lọ, àti pé àwọn á ra yúrò tí kò lóǹkà kí ó má baà rẹlẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá alápatà kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà Akínyẹlé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta, tó ń sọ pé, "Màlúù yòówù, iye yòówù tí wọ́n bá jẹ́, mo ń rà á ní ₦750,000." Ta ló máa bẹ̀rù? Àwọn èèyàn káàkiri ayé ń ra yúrò lókè 1.20 díẹ̀, wọ́n sì ń fi sitọ́ọ̀pù wọn sí abẹ́ 1.20 díẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n nìyẹn: èrè lè pọ̀, àdánù á kéré. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, 2015, igbákejì ọ̀gá báńkì náà, Jean-Pierre Danthine, ṣì jáde sọ pé àwọn ò yí ìlànà náà padà.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sí i, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 15, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ (aago tiwọn àti tiwa dọ́gba nígbà òtútù), báńkì náà kéde pé òun ti jáwọ́. Ọ̀gá alápatà ti lọ sílé. Gbogbo sitọ́ọ̀pù tó wà lábẹ́ 1.20 jí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn di "tà á ní iyekíye", ẹni tó máa rà ò sì sí lójú ọjà, torí ẹnì kan ṣoṣo tó ń rà á láti ọdún yìí wá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yúrò ti já dé nǹkan bíi 0.85. Nígbà tó yá ó tún gun òkè, ó parí ọjọ́ náà nítòsí 1.00.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ká ní o ní 500 dọ́là lọ́wọ́ bùrókà, o ra yúrò 10,000 ní 1.2010, o fi sitọ́ọ̀pù sí 1.1980. Ohun tó o rò pé o lè pàdánù ni 0.0030 lọ́nà 10,000, ìyẹn fráǹkì 30. Owó àkàrà. Ká wá ní ibi tí ẹ̀rọ ti rí ẹni tó máa ra tìẹ ni 1.0000. Àdánù rẹ di 0.2010 lọ́nà 10,000, ìyẹn fráǹkì 2,010. Fráǹkì kan sì ti ju dọ́là kan lọ lọ́jọ́ náà. Gbogbo 500 rẹ ti lọ, ó sì ku ohun tó lé ní 1,500 dọ́là tó o jẹ bùrókà. Sitọ́ọ̀pù rẹ ṣiṣẹ́ o. Ó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ní Niú Yọ́ọ̀kì, àwọn oníbàárà bùrókà tí wọ́n ń pè ní FXCM jẹ ẹ́ ní gbèsè tó tó mílíọ̀nù 225 dọ́là, ó sì di dandan kó lọ yá mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Leucadia kó má baà wó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Alpari kéde ní ọjọ́ kejì pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́. Àwọn bùrókà náà ní ẹ̀rọ tó yára ju fóònù wa lọ, àwọn ọ̀mọ̀wé sì wà lọ́dọ̀ wọn. Àlàfo kì í wo ojú ẹni.

Àwọn tó ní ṣíà ní Nàìjíríà máa ní tiwọn ò lè fò bẹ́ẹ̀, torí pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni iye ṣíà lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ jù lóòjọ́ lọ́jà ṣíà wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri yẹn ní wàhálà tiẹ̀. Bí ṣíà bá já dé òpin ìdá mẹ́wàá tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà, sitọ́ọ̀pù rẹ ò ní ṣẹlẹ̀ níbi tó dáa, kò sì ní ṣẹlẹ̀ níbi tí kò dáa. Kò ní ṣẹlẹ̀ rárá. Wàá kàn wà lórí ìlà ni, ọ̀la á tún já. Àwọn tó ní ṣíà báńkì ní 2008 sí 2009 mọ bí ó ṣe ń rí kéèyàn fẹ́ tà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má rí ẹni tó máa rà.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kò sí èyí tó máa dúró lórí iye tá a dá. Ó wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní `Stop Limit` máa ń sọ pé: "bó bá dé 750 tà á, ṣùgbọ́n má ṣe tà á ní ohun tó bá rẹlẹ̀ ju 740 lọ." Ó dáa létí. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá fò láti 751 sí 720, alágbàtà ò ní tà á, màlúù rẹ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ ní 720, ní 700, ní 650. Ẹni tó ra yúrò lọ́jọ́ 15 yẹn tó lo irú èyí, yúrò ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó já dé 0.85. Àwọn bùrókà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ń ta sitọ́ọ̀pù onídúró, tí àwọn fúnra wọn á fara gba ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà fún un. Ìyẹn gan-an yẹ kó là wá lójú: bí sitọ́ọ̀pù lásán bá jẹ́ ìlérí, kí ni wọ́n ń gba owó fún?

Ohun tí mo sọ fún ọmọ elérò ajílẹ̀ yẹn ni pé ibi tó fi sitọ́ọ̀pù sí kọ́ ló ń dáàbò bo owó ẹ̀, ìwọ̀n ohun tó rà ni. Kí ó tó fi òwò sílẹ̀ di Mọ́ńdè, kó bi ara ẹ̀ pé, "Bí wúrà bá ṣí ní dọ́là ogójì sí ibi tí mi ò fẹ́, kí ló máa ṣẹ́kù?" Pẹ̀lú ìdámẹ́wàá lọ́ọ̀tì, 400 dọ́là ló máa lọ, òun sì ní 300 péré, sitọ́ọ̀pù tó fi sí dọ́là márùn-ún ò ní ràn án lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ọ̀tì, dọ́là ogójì ló máa lọ, á sì tún rí ọ̀nà padà wá. Ó ní èrè yẹn ti kéré jù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré.

Ọjà fọ́rẹ́ẹ̀sì máa ń tì lálẹ́ Jímọ̀ ní aago mẹ́wàá tiwa, aago mọ́kànlá nígbà òtútù, ó sì máa ń ṣí lálẹ́ Sọ́ńdè ní aago kan náà. Láàárín ìgbà yẹn ìbò lè wáyé nílùú kan, ogun lè bẹ̀rẹ̀, ààrẹ kan lè sọ̀rọ̀. Ọjà ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó tì sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òwò tó ṣì ṣí lónìí Jímọ̀, ẹ ṣí `History` yín, ẹ wo gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí `[sl`, kẹ́ ẹ fi iye tó wà nínú ẹ̀ wé iye tí wọ́n tà á gan-an, kí ẹ tó pinnu ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbé wọ Sọ́ńdè. Ẹni tí kò bá yé, kó kọ ìbéèrè sísàlẹ̀ níbí, màá dáhùn lẹ́yìn ìpàdé alẹ́.